“Kí” Tó Jábọ́: Bí A Ṣe Ń Yẹ Mínítì Ìpàdé Wò Kó Tó Jáde

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn akọ̀wé ìgbìmọ̀ mélòó kan sọ ni mo wá tẹ̀ síbí, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ káwọn lè máa padà sí i. Mo kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́ gan-an, mo kàn yọ àwọn ibi tá a ti yà kúrò lórí ọ̀rọ̀ ni.

Ìtàn kan ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ìgbìmọ̀ kan wà tí mo máa ń bá wọn ka mínítì wọn kó tó lọ sọ́dọ̀ àwọn èèyàn. Ìgbìmọ̀ tó ń rí sí àtúnṣe gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ kan ni. Òrùlé gbọ̀ngàn náà ń jò, wọ́n wá ṣèpàdé lé e lórí ní Sátidé ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà, nígbà tí mínítì sì dé ọwọ́ mi, gbólóhùn kan wà níbẹ̀ tó kà báyìí: “Alága ní Igbákejì Alága ra tapólì méjì láti fi bo ibi tó ń jò.” Mo kà á, gírámà ẹ̀ dáa, àmì ohùn ẹ̀ pé, kò sí lẹ́tà kankan tó ṣì, mo bá kọjá lọ. Oṣù méjì lẹ́yìn ìgbà yẹn ni ẹni tó ń yẹ ìwé owó wọn wò béèrè rìsíìtì tapólì méjì. Akápò ní òun ò rí rìsíìtì kankan, òun ò sì rántí pé òun yọ owó fún nǹkan bẹ́ẹ̀. Ni gbogbo ojú bá yí sí Igbákejì. Bàbá náà ò tiẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń sọ, torí kò ra tapólì kankan rí. Ohun tí Alága sọ nípàdé ni pé “Igbákejì, ẹ bá wa ra tapólì méjì”, Igbákejì sì ń dúró kí wọ́n kó owó fóun, owó ò dé, òjò ti rọ̀ sínú gbọ̀ngàn.

Ohun tó yẹ kó wà nínú mínítì ni “Alága ní kí Igbákejì Alága ra tapólì méjì.” “Kí” ló jábọ́. Lẹ́tà méjì péré, ó sì sọ iṣẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún èèyàn di iṣẹ́ tí onítọ̀hún ti ṣe tán. Ẹni tó kọ ọ́ ò parọ́, èmi tí mo kà á ò sùn, gbólóhùn yẹn kàn tọ́ lójú ni, torí “ní” nìkan ń ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀, “ní kí” sì ń ròyìn àṣẹ, méjèèjì sì lè jókòó síbì kan náà láìjẹ́ pé gírámà figbe ta. Ìdí tí mo fi mú ọ̀rọ̀ yìí wá nìyẹn. Èèyàn lè ka mínítì fún àṣìṣe sípẹ́lì títí ilẹ̀ á fi ṣú, kó má rí èyí, àfi tó bá mọ ohun tó ń wá.

Báwo wá lẹ ṣe máa mọ̀ pé “kí” kan jábọ́ nígbà tẹ́ ẹ ò sí nípàdé? Ó ní àmì. Tẹ́ ẹ bá rí “ní” tàbí “sọ pé”, tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí ẹni tó ṣe iṣẹ́, tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sì jẹ́ ẹni tó lè yan iṣẹ́ fún ẹnì kejì, ẹ dúró níbẹ̀. Ẹ wá wo iṣẹ́ náà: ṣé wọ́n sọ ọjọ́ tó ṣe é? Ṣé wọ́n sọ iye tó ná? Ṣé ẹnikẹ́ni béèrè nípa ẹ̀, ṣé ẹnikẹ́ni dúpẹ́ lọ́wọ́ onítọ̀hún? Iṣẹ́ tẹ́nì kan ti ṣe tán sábà máa ń fi irú ipa bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ nínú mínítì. Tí kò bá sí ìkankan, tí gbólóhùn tó ṣáájú ẹ̀ sì ń sọ nípa nǹkan tó yẹ ní ṣíṣe, ó ṣeé ṣe dáadáa pé àṣẹ ni. Ẹ má fi “kí” sí i fúnra yín o. Ẹ fa ìlà sábẹ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ pé “ṣé wọ́n ti rà á ni, àbí wọ́n ní kí wọ́n rà á?”, kẹ́ ẹ dá a padà fún akọ̀wé. Ẹni tó ń yẹ ìwé wò lè tún bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ṣe, kò láṣẹ láti pinnu ohun tó ṣẹlẹ̀ nípàdé tí kò sí níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kejì tó tún máa ń dá wàhálà sílẹ̀ ni ta ni “ó”, ta ni “òun”, ta ni “wọ́n”. Èdè wa ṣe wá lóore kan níbí tí ọ̀pọ̀ èdè ò ní. Tí mo bá ní “Akápò sọ pé òun yóò lọ bá kọ́ńtírátọ̀”, kò sí àríyànjiyàn, Akápò fúnra ẹ̀ ló ń lọ. Tí mo bá ní “Akápò sọ pé ó máa lọ bá kọ́ńtírátọ̀”, etí Yorùbá á kọ́kọ́ gbọ́ ọ bíi pé ẹlòmíì ló ń lọ, ẹnì kan tí wọ́n ti dárúkọ ẹ̀ ṣáájú, àmọ́ kò tì í pa pátápátá, ẹlòmíì lè kà á kó ní Akápò náà ni. Onímọ̀ èdè ará Faransé kan, Claude Hagège, ló fún irú ọ̀rọ̀ bíi “òun” yìí ní orúkọ tí wọ́n ń pè é nínú ìmọ̀ èdè títí dòní, lọ́dún 1974, nǹkan tó sì ṣe pàtàkì níbẹ̀ ni pé irú ọ̀rọ̀ yìí ń tọ́ka padà sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ gan-an. Ohun tí mínítì ń wá nìyẹn. Àmọ́ àwọn akọ̀wé kan máa ń sá fún “òun” torí wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, wọ́n á máa fi “ó” síbi gbogbo, wọ́n á ní ìyẹn ló jọ ìwé. Rárá o. Nínú ìròyìn ọ̀rọ̀ ẹlòmíì, “òun” ló ṣe kedere jù, ẹ lò ó láìbẹ̀rù.

“Wọ́n” ló le ju “ó” lọ, torí ọ̀wọ̀ wọ inú ẹ̀. Ẹ wo èyí tó wà nínú mínítì kan náà: “Wọ́n ní wọ́n á kọ lẹ́tà sí àwọn ọmọ ẹgbẹ́.” Ta ni wọ́n? Ó lè jẹ́ Alága tí akọ̀wé ń bọ̀wọ̀ fún, ó lè jẹ́ èèyàn mẹ́ta tó dáhùn pọ̀, ó lè jẹ́ “wọ́n” tí kò ní olúwa ẹ̀ rárá, bí ìgbà téèyàn bá ní “wọ́n ní òjò máa rọ̀”. Tẹ́ ẹ bá bi akọ̀wé ọ̀hún, á sọ fún yín pé òun ò lè pe Alága ní “ó”, àgbà ni. Òótọ́ sì ni, mi ò ní sọ pé kẹ́nikẹ́ni sọ ọ̀wọ̀ nù. Ọ̀nà tó mọ́ jù tí mo rí ni pé kí ìgbìmọ̀ fẹnu kò lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀, pé nínú mínítì, orúkọ ipò la ó máa lò dípò “ó” àti “wọ́n”, pé tó bá jẹ́ ẹnì kan ló sọ̀rọ̀ nípa ara ẹ̀, “òun” ni, tó bá ju ẹnì kan lọ, “àwọn” ni, ì báà jẹ́ ọmọdé, ì báà jẹ́ àgbà. Oyè àti ọ̀wọ̀ á wà lókè, níbi tí wọ́n kọ orúkọ àwọn tó wá sí, ìyẹn “Olóyè”, “Alàgbà”, “Ìyá Ẹgbẹ́”, pátá. Tí gbogbo àgbà bá ti gbọ́ ọ lójú ara wọn nípàdé pé bí a ó ṣe máa ṣe é nìyí, kò sẹ́ni tó máa bínú sí akọ̀wé kékeré tó kọ “Alága sọ pé òun yóò kọ lẹ́tà”. “Alága sọ pé àwọn yóò kọ lẹ́tà” máa ń jẹ́ kéèyàn máa wá àwọn yòókù tó wà nínú “àwọn” náà.

“A” náà ńkọ́? “A gbà pé ká ṣe é kíákíá.” Ẹni tó kọ ọ́ wà nípàdé, ó mọ “a”. Ẹni tó máa kà á lọ́dún méjì sí i kò mọ̀ ọ́n, ṣé ìgbìmọ̀ ni, ṣé gbogbo ẹgbẹ́ ni, ṣé àwọn tó ń bá a sọ̀rọ̀ lápá kan ni? Ẹ yí i sí “Ìgbìmọ̀”. “Iye tó máa ná wa” náà á di “iye tó máa ná ìgbìmọ̀”. Èyí ò gba àkókò rárá, ẹ wá “a” àti “wa” káàkiri, kẹ́ ẹ bi ara yín léèrè níbi kọ̀ọ̀kan pé ta ni.

Ó wá kan àsìkò ọ̀rọ̀ ìṣe, ibi tó sì ti yẹ ká fara balẹ̀ jù nìyí, torí ọ̀pọ̀ nínú wa ló jẹ́ pé bí wọ́n ṣe ń kọ mínítì lédè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ́ wa. Níbẹ̀, téèyàn bá ń ròyìn ọ̀rọ̀ ẹlòmíì, gbogbo ọ̀rọ̀ ìṣe á sún sẹ́yìn, ohun tí onítọ̀hún ní òun máa ṣe á yí àwọ̀ padà, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ náà á yí padà. Ní Yorùbá, kì í sún sẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ ìṣe dúró síbi tó wà lẹ́nu ẹni tó sọ ọ́, ohun tó ń yí padà ni “mo” tó ń di “òun”, àti “lọ́la” tó ń di ọjọ́ gan-an. Tí Akápò bá sọ lẹ́nu ara ẹ̀ pé “Owó tó wà nílẹ̀ ò tó, màá san ìdajì lọ́la”, ohun tó máa wà nínú mínítì ni “Akápò sọ pé owó tó wà nílẹ̀ kò tó, pé òun yóò san ìdajì ní Sọ́ńdè ọjọ́ 7 oṣù Kẹfà.” “Kò tó” dúró bó ṣe wà. “Màá” àti “òun yóò” ìtumọ̀ kan náà ni.

Àmọ́ mo ti rí i táwọn tó ń yẹ ìwé wò fẹ́ fi tipátipá sún un sẹ́yìn, wọ́n á kọ “òun yóò ti san ìdajì”. Ìyẹn ti sọ nǹkan míì! Ó ń sọ pé kí ọjọ́ 7 tó dé ni owó ti máa kúrò nílẹ̀. Tàbí wọ́n á rí “ibi tó ń jò”, wọ́n á ní ìpàdé ti kọjá, ẹ jẹ́ ká kọ “ibi tó jò”. “Ibi tó jò” ni ibi tó jò lẹ́ẹ̀kan, bóyá lọ́dún tó kọjá, bóyá wọ́n tiẹ̀ ti dí i. “Ibi tó ń jò” ni ibi tó ń jò lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀. Ọjọ́ ìpàdé tó wà lórí mínítì ti sọ ìgbà fún wa, kò yẹ ká tún fi ọ̀rọ̀ ìṣe sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Ibi tí “ti” ti ṣe pàtàkì gan-an ni ìpinnu. “Ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí i” ni ohun tí wọ́n ṣe nípàdé yẹn. “Ìgbìmọ̀ ti fọwọ́ sí i” ni ohun tí wọ́n ti ṣe kí ìpàdé yẹn tó wáyé, tàbí kí wọ́n tó dé orí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ. Ẹni tó bá ń wá ìgbà tí wọ́n fọwọ́ sí owó, tó rí “ti”, á lọ máa ṣí mínítì àwọn ìpàdé tó ṣáájú, kò ní rí nǹkan kan. Òfin tí mo ń tẹ̀ lé ni pé ìpinnu ọjọ́ náà kì í ní “ti”, ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà ní “ti”, ó sì yẹ kó ní ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹgbẹ́ òdì ẹ̀ náà wà. “Igbákejì Alága kò ra tapólì” àti “Igbákejì Alága kò tíì ra tapólì” kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Èkíní lè túmọ̀ sí pé ó kọ̀, ìkejì ń sọ pé iṣẹ́ náà ṣì wà lọ́rùn ẹ̀. Tí wọ́n bá wá kọ “kò ní ra tapólì”, wọ́n ti gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ẹ̀ nìyẹn. Mo bẹ̀ yín, tẹ́ ẹ bá dé ibi tí mínítì ti ń sọ ibi tí iṣẹ́ tó ti wà nílẹ̀ dé, ẹ má ka “kò” kankan kọjá láì bi í pé irú “kò” wo ni.

Ó tún ku ọ̀rọ̀ “ó” tó ń sọ nípa ọjọ́ iwájú. Àwa náà máa ń sọ ọ́ lẹ́nu, “Akápò ó san owó náà”, tá a fẹ́ sọ pé á san án. Àmọ́ bá a bá ń sọ ohun tó ti kọjá náà, ohùn òkè kan máa ń wà láàárín Akápò àti “san” tí a kì í sábà kọ, tẹ́ni tó ń kọ bí ẹnu ṣe ń sọ bá wá kọ ọ́ sílẹ̀, “Akápò ó san owó náà” kan náà ni. Ó san án ni àbí ó máa san án? Ìwé ò lè sọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni “a” àti “á” fún àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ láìsí àmì. “A san owo naa” ni àwa san án, tí àmì bá wà lórí “a” ó di pé òun ló máa san án. Ìdí tí mo fi ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá béèrè nìyẹn pé nínú mínítì, níbikíbi tí iṣẹ́ wà níwájú, “yóò” ni kí wọ́n lò. Ẹ lè máa lo “máa”, “á”, “ó” lẹ́nu bó ṣe wù yín, mo ń lò wọ́n níbí náà. “Yóò” kò jọ nǹkan míì ní tiẹ̀, kódà tí gbogbo àmì bá já kúrò lórí ẹ̀, “yoo” ṣì ni, kò sẹ́ni tó máa kà á sí ohun tó ti kọjá.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ni mo fẹ́ yára fọwọ́ kàn. “Lọ́la”, “lọ́tùnla”, “ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀”, “láìpẹ́”, gbogbo ẹ̀ ni kẹ́ ẹ yí sí ọjọ́ gan-an. Èyí tó fara sin jù ni “ní ọjọ́ mẹ́jọ òní”. Bí àwọn àgbà ṣe ń kà á, òní wà nínú ẹ̀, tí wọ́n bá sọ ọ́ ní Sátidé ọjọ́ 6, Sátidé ọjọ́ 13 ni wọ́n ń sọ. Ẹni tó bá fi mẹ́jọ kún mẹ́fà bí wọ́n ṣe kọ́ ọ níléèwé á rí ọjọ́ 14, Sọ́ńdè. Àwọn méjì lè fi ìtẹríba jókòó síbi kan náà, kí wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà, kí wọ́n sì lọ pẹ̀lú ọjọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ má yàn fún wọn o, ẹ bi akọ̀wé.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká mú odidi ìpínrọ̀ kan. Bó ṣe dé ọwọ́ mi nìyí, mo kàn gé e kúrú díẹ̀:

“Alága ní a gbọ́dọ̀ tún òrùlé ṣe kí òjò tó pọ̀ sí i. Akápò ní ó máa lọ bá kọ́ńtírátọ̀ lọ́la kó lè mọ iye tó máa ná wa. Wọ́n ní wọ́n á kọ lẹ́tà sí àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Alága ní Igbákejì Alága ra tapólì méjì láti fi bo ibi tó ń jò. A gbà pé ká ṣe é kíákíá.”

Ohun tó yẹ kí n ṣe lọ́jọ́ náà ni kí n kọ ìbéèrè mẹ́rin padà sí akọ̀wé kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ta ni “ó” tó ń lọ bá kọ́ńtírátọ̀, Akápò ni àbí Alága? Ta ni “wọ́n” tó fẹ́ kọ lẹ́tà? Ṣé tapólì ti wà nílẹ̀ àbí wọ́n ní kí wọ́n lọ rà á, tó bá sì jẹ́ pé wọ́n ní kí wọ́n lọ rà á ni, ó di ọjọ́ wo? “Ká ṣe é” yẹn, kí ni “é”, àtúnṣe òrùlé lápapọ̀ ni àbí tapólì nìkan? Lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ ti dàrú ni mo bi í, ó sì rántí gbogbo ẹ̀: Akápò ló ń lọ, Alága fúnra ẹ̀ ló fẹ́ kọ lẹ́tà, tapólì ò tíì sí, ọjọ́ 13 ni wọ́n fi sí, “é” sì ni àtúnṣe òrùlé. Ó wá di báyìí:

“Alága sọ pé ìgbìmọ̀ gbọ́dọ̀ tún òrùlé ṣe kí òjò tó pọ̀ sí i. Akápò sọ pé òun yóò lọ bá kọ́ńtírátọ̀ ní Sọ́ńdè ọjọ́ 7 oṣù Kẹfà láti mọ iye tí àtúnṣe náà yóò ná ìgbìmọ̀. Alága sọ pé òun yóò kọ lẹ́tà sí àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Alága ní kí Igbákejì Alága ra tapólì méjì láti fi bo ibi tó ń jò, kó má kọjá Sátidé ọjọ́ 13 oṣù Kẹfà. Ìgbìmọ̀ fẹnu kò pé kí àtúnṣe òrùlé bẹ̀rẹ̀ kíákíá.”

Ẹ wò ó pé mi ò fọwọ́ kan “kíákíá”. Mi ò fẹ́ràn ẹ̀, kò ní ọjọ́, àmọ́ ohun tí ìgbìmọ̀ sọ nìyẹn, tí wọn ò bá dá ọjọ́, mi ò lè dá a fún wọn. Mo kàn lè kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ pé ìpinnu yìí ò ní ọjọ́. Lẹ́tà Alága náà ò ní ọjọ́, bákan náà ló rí.

Lẹ́yìn ìpínrọ̀ ló máa ń kan lísìtì iṣẹ́ tí wọ́n pín, èyí tó máa ń wà nísàlẹ̀. Òun gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kà, wọn kì í ka òkè. Nínú mínítì ọ̀hún, lísìtì náà ní iṣẹ́ mẹ́ta, ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n sì gbà kọ ọ́: “Akápò: kọ́ńtírátọ̀.” “Kí wọ́n kọ lẹ́tà sí ọmọ ẹgbẹ́.” “Ríra tapólì.” Èkíní ní ẹni tó máa ṣe é, kò ní iṣẹ́. Ìkejì ní iṣẹ́, kò ní ẹni tó máa ṣe é. Ìkẹta ò ní ẹnikẹ́ni, kò sì sọ bóyá ó ti ṣẹlẹ̀ tàbí kò tíì ṣẹlẹ̀, torí “ríra” kì í sọ ìgbà. Ká ní lísìtì yẹn kọ “Igbákejì Alága yóò ra tapólì méjì”, “kí” tó jábọ́ lókè ì bá ti hàn síta lójú ẹsẹ̀, torí òkè á máa sọ pé ó ti rà á, ìsàlẹ̀ á máa sọ pé yóò rà á, ẹnikẹ́ni tó bá kà á á rí i pé méjèèjì ń jà.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń fẹ́ kí gbogbo iṣẹ́ inú lísìtì ní ìrísí kan ṣoṣo: ipò ẹni náà, “yóò”, ohun tó máa ṣe, ohun tó máa ṣe é sí, ọjọ́ tí kò gbọdọ̀ kọjá.

“Akápò yóò béèrè iye owó àtúnṣe òrùlé lọ́wọ́ kọ́ńtírátọ̀, kò gbọdọ̀ kọjá ọjọ́ 7 oṣù Kẹfà.
Alága yóò kọ lẹ́tà sí àwọn ọmọ ẹgbẹ́, ìgbìmọ̀ kò dá ọjọ́.
Igbákejì Alága yóò ra tapólì méjì, yóò sì fi bo ibi tó ń jò, kò gbọdọ̀ kọjá ọjọ́ 13 oṣù Kẹfà.”

Ó lè dà bíi pé kò dùn kà, ọ̀rọ̀ kan náà ń padà wá ṣáá. Ó yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Níbi ìtàn, a máa ń yí ọ̀rọ̀ padà kó má bàa sú èèyàn, níbí, tẹ́ ẹ bá pè é ní “tapólì” lókè, ẹ má pè é ní “ọ̀rá ìbora” nísàlẹ̀, torí ẹnì kan á rò pé nǹkan méjì ni. Tẹ́ ẹ bá pè é ní “àtúnṣe òrùlé”, kó má di “iṣẹ́ páánù” lójú ewé kejì. Orúkọ tó bá jẹ́ lókè náà ni kó jẹ́ dé ìparí, àti nínú mínítì ìpàdé tó tẹ̀ lé e, níbi tí wọ́n á ti ròyìn pé Igbákejì Alága ti ra tapólì méjì, tàbí ó ń rà á lọ́wọ́, tàbí kò tíì rà á.

Àwọn ọ̀rọ̀ ìṣe tó ń gbé ọ̀rọ̀ ẹlòmíì náà gbọ́dọ̀ dọ́gba. “Dábàá” kì í ṣe “fẹnu kò”. Ẹnì kan ló ń dábàá, ìgbìmọ̀ ló ń fẹnu kò. Mo ti rí mínítì tó kọ “Akọ̀wé dábàá pé kí wọ́n san owó” tí lísìtì sì kọ “Akápò yóò san owó”, tí kò sí gbólóhùn kankan láàárín méjèèjì tó sọ pé ẹnikẹ́ni gbà. Kí ẹ sì yẹra fún “jẹ́wọ́”, “ráhùn”, “fi ìbínú sọ”, torí ìdájọ́ akọ̀wé ti wọ inú ẹ̀. “Sọ”, “ṣàlàyé”, “béèrè”, “fèsì” ti tó. Henry Martyn Robert, ọ̀gágun Amẹ́ríkà tó tẹ ìwé òfin ìpàdé jáde lọ́dún 1876, ti là á sílẹ̀ pé ohun tí ìpàdé ṣe ló yẹ kí mínítì gbé, kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n sọ. Mo gbà pẹ̀lú ẹ̀ dé àyè kan. Bí ọ̀rọ̀ ẹlòmíì bá ṣe dín kù tó nínú mínítì ni “ó” àti “wọ́n” ṣe máa dín kù tó.

Bí mo ṣe ń kà á báyìí nìyí, tó bá wúlò fún ẹnikẹ́ni: mo máa ń kọ́kọ́ ka lísìtì ìsàlẹ̀, kí n tó ka òkè, kí n lè mọ àwọn iṣẹ́ tó yẹ kí n bá pàdé. Mo wá fi `Ctrl+F` wá gbogbo “pé” àti “ní” lọ́kọ̀ọ̀kan, níbi kọ̀ọ̀kan mo ń bi í pé ta ló sọ ọ́, ta ló máa ṣe é, ṣé àṣẹ ni àbí ìròyìn. Ẹ ṣọ́ra fún kọ̀ǹpútà lórí ọ̀rọ̀ bíi “wọ́n” o, torí ó ju ọ̀nà kan lọ tí wọ́n lè gbà tẹ ọ́ tó ní àmì lórí, ojú wa á rí ọ̀kan náà, kọ̀ǹpútà lè rí méjì, kó ní òun ò rí nǹkan kan. Torí ẹ̀ ni mo ṣe máa ń tún ka ibẹ̀ fojú. Ẹ̀ẹ̀kan tó kẹ́yìn ni mo ń kà á sókè ketekete, àwọn “kí” tó bá jábọ́ sábà máa ń gbé etí dúró níbi tí ojú ti kọjá wọn.

Nígbà tí mo parí, ìyá kan tó jẹ́ akọ̀wé dìde, wọ́n ní àwọn ti ka mínítì kan nípàdé, gbogbo èèyàn ti gbà á wọlé, Alága ti fọwọ́ sí i, lẹ́yìn ìyẹn làwọn wá rí àṣìṣe, ṣé káwọn rọra tún un ṣe lórí kọ̀ǹpútà? Mo ní rárá, Mà, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ìwé tí ìpàdé ti gbà wọlé, ìpàdé nìkan ló lè tún un ṣe. Ẹ gbé e wá sí ìpàdé tó kàn, kí àtúnṣe náà wọ mínítì ìpàdé yẹn, kẹ́ ẹ kọ èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ àti èyí tó yẹ kó wà níbẹ̀, méjèèjì. Bí ìgbìmọ̀ òrùlé yẹn ṣe kọ tiwọn nìyí, mo sì kà á fún ìyá náà: “Ìgbìmọ̀ ṣàtúnṣe sí àkọsílẹ̀ ìpàdé ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà. Níbi tó ti kà pé ‘Alága ní Igbákejì Alága ra tapólì méjì’, kí ó kà pé ‘Alága ní kí Igbákejì Alága ra tapólì méjì’. Igbákejì Alága kò tíì ra tapólì, ìgbìmọ̀ kò sì fún un lówó.”